Bí Àwòrán Bá Wọ́ Lórí Aṣọ: Ibi Tí Ẹ Gbé Purojẹ́kítọ̀ Sí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí àdúgbò bá fẹ́ jókòó wo fíìmù pọ̀, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wàhálà méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n á so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ purojẹ́kítọ̀ tán, aṣọ funfun tí wọ́n ta kò sì ní gbé nǹkan kan jáde. Bí wọ́n bá borí ìyẹn, àwòrán á yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ á fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí kí apá kan ga ju apá kejì. Àwọn òṣèré inú fíìmù á wá di olórí ńlá ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ á sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀.

Wàhálà kìíní kò le, bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́jú lódì. Wọ́n á di rìmóòtù mú, wọ́n á máa tẹ bọ́tìnnì títí àwòrán á fi jọ pé ó gún, láìmọ̀ pé ohun tó fà á ṣì wà níbẹ̀, àti pé àwòrán náà ti pàdánù nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrísí àwòrán tó wọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ti jókòó láìtọ́.

Síso wọ́n pọ̀

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù àti ẹ̀yìn purojẹ́kítọ̀. Ihò tó wọ́pọ̀ jù lónìí ni HDMI: ó pẹlẹbẹ, igun rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ sì gé wọnú. Wáyà kan ṣoṣo yìí ló ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. Èyí tó dàgbà jù ú lọ ni VGA, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, tó ní ihò wínníwínní 15 lójú, tó sì ní ìdè méjì tí a fi ń dè é mọ́ ara ẹ̀rọ. Àwòrán nìkan ni VGA ń gbé. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ wá wáyà mìíràn fún ohùn. Àwọn láàpútọ́ọ̀pù tuntun tó fẹ́lẹ́ kì í ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, USB-C nìkan ni wọ́n ní. Fún irú wọn, ẹ ó nílò àdápútọ̀ tó ń yí USB-C sí HDMI. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán jáde; ti àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan kò ju kí ó gba iná kí ó sì kó fáìlì lọ. Nítorí náà, ẹ ti dán àdápútọ̀ náà wò nílé kí ọjọ́ ìwòran tó pé.

Ẹ tan purojẹ́kítọ̀ ná, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ là dáadáa, kí ẹ tó ki wáyà bọ ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́lẹ̀, kí ẹ má gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ wá tẹ P. Ọ̀nà mẹ́rin ni yóò yọ sí yín: `PC screen only`, `Duplicate`, `Extend` àti `Second screen only`. Bí ẹ bá mú `Duplicate`, ohun kan náà ni yóò wà lójú láàpútọ́ọ̀pù àti lára aṣọ. Bí ẹ bá mú `Extend`, aṣọ á di ojú kejì tó dá dúró, fíìmù kò sì ní dé ibẹ̀ àfi kí ẹ wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyẹn, tí wọ́n á máa wo àwòrán ẹ̀yìn lásán lára aṣọ, tí wọ́n á sì gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Fún fíìmù, `Second screen only` ló dára jù. Nínú `Duplicate`, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ojú méjèèjì ní láti jọ lò, bí ojú láàpútọ́ọ̀pù bá sì kéré sí ti purojẹ́kítọ̀, èyí tó kéré lè fa èyí tó pọ̀ sẹ́yìn. Nínú `Second screen only`, láàpútọ́ọ̀pù lè lo ìwọ̀n tó bá purojẹ́kítọ̀ mu gan-an. Ẹ lè rí ìwọ̀n yìí nínú Settings, lábẹ́ Display, níbi tí wọ́n kọ Display resolution sí; èyí tí wọ́n kọ Recommended sí lára ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Àwọn tó ń lo Mac á rí irú ètò yìí lábẹ́ Displays nínú System Settings.

Bí aṣọ kò bá gbé nǹkan kan jáde

Bí purojẹ́kítọ̀ bá ń kọ `No signal`, ẹ má tíì tú wáyà. Ẹ kọ́kọ́ fa wáyà náà yọ kúrò lára láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ tún ki í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ojú láàpútọ́ọ̀pù. Bí ojú rẹ̀ bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó dúdú fìrí tó tún là, láàpútọ́ọ̀pù ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà ní òpin wáyà nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé purojẹ́kítọ̀ ló ń retí àwòrán láti ihò mìíràn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Source tàbí Input lórí rìmóòtù títí yóò fi kan ihò tí ẹ lò gan-an, nítorí purojẹ́kítọ̀ tó ní HDMI 1 àti HDMI 2 kì í ka méjèèjì sí ọ̀kan náà.

Bí ojú láàpútọ́ọ̀pù kò bá ṣẹ́jú rárá, wáyà tàbí àdápútọ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi òmíràn dán an wò. Bí àwòrán bá ń wá tó tún ń lọ, tàbí tí àmì funfun wínníwínní ń ta lára rẹ̀, ẹ wo gígùn wáyà. Wáyà HDMI olówó pọ́ọ́kú tó bá gùn ju mítà 10 lọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù sún mọ́ purojẹ́kítọ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí wáyà ohùn ni ó gùn lọ sídìí ampilifáyà.

Ní ti ohùn náà, HDMI á máa gbé e lọ sínú sípíkà kékeré tó wà nínú purojẹ́kítọ̀, èyí tí kò lè tó ọ̀pọ̀ èrò. Ẹ tẹ àmì sípíkà ní igun ìsàlẹ̀ láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ yan sípíkà láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ dípò ti purojẹ́kítọ̀, kí ẹ wá fi wáyà so ihò ìgbọ́hùn rẹ̀ mọ́ ampilifáyà.

Ohun tó ń mú kí àwòrán wọ́

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan lálẹ́, kí ẹ tàn án sí ògiri ní ọ̀gangan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí róbótó. Ẹ wá gbé ẹnu tọ́ọ̀ṣì náà sókè díẹ̀ láìgbé ara rẹ̀ sókè: ìmọ́lẹ̀ náà á gùn sókè, òkè rẹ̀ á sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni pé ìtànṣán tó lọ sókè rìn jìnnà ju èyí tó wà nísàlẹ̀ kí ó tó kan ògiri, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ṣe ń rìn jìnnà sí i ló ń fẹ̀ sí i. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán purojẹ́kítọ̀. Igun mẹ́rin rẹ̀ gún régé nínú ẹ̀rọ. Ara aṣọ ni wọ́n ti wọ́, nítorí pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn dé apá kan gùn ju ti apá kejì lọ.

Láti inú èyí ni ẹ ti lè ka àṣìṣe ẹ̀rọ láti ara àwòrán. Apá tó bá fẹ̀ jù ni ó jìnnà sí ẹ̀rọ jù. Bí òkè àwòrán bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀, purojẹ́kítọ̀ ti wà nísàlẹ̀ jù, wọ́n sì ti gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Bí ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ ju òkè, ibi gíga ló wà, tó ń wo ilẹ̀. Bí ẹ bá dojú kọ aṣọ tí ẹ rí i pé etí òsì àwòrán ga ju etí ọ̀tún lọ, ẹ̀rọ ti sún sí ọ̀tún, ó sì ń wo aṣọ ní ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán lè gún, kí òkè àti ìsàlẹ̀ fẹ̀ bákan náà, síbẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dà sí apá kan. Ẹsẹ̀ purojẹ́kítọ̀ ni kò dọ́gba, tàbí kí tábìlì abẹ́ rẹ̀ máa dà. Bọ́tìnnì kọ́ ni ti èyí. Ẹ yí ẹsẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ títí yóò fi jókòó dáadáa, tàbí kí ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ há abẹ́ tábìlì.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú ìwòran kan tí ẹgbẹ́ onílé fẹ́ ṣe nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Aṣọ funfun wọn fẹ̀ tó mítà 3, ó sì ga tó mítà 1.7, èyí tó bá àwòrán fíìmù òde òní mu, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 9. Wọ́n ta á sókè kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ga ní mítà 1.2 sí ilẹ̀, kí orí àwọn tó jókòó má baà bo àwòrán.

Ìwé tó bá purojẹ́kítọ̀ wá ń sọ pé ìṣirò Throw ratio rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán fẹ̀ ní mítà kan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí aṣọ ní mítà kan àbọ̀. Fún aṣọ oní-mítà 3, ẹ sọ 3 di ìlọ́po 1.5: ó di mítà 4.5. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máa wà.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45. Àwòrán kò dé aṣọ lókè, wọ́n bá fa ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀rọ jáde, wọ́n tún fi ìwé há abẹ́ rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè wo òkè. Sẹ̀ǹtímítà 75 ni wọ́n fẹ́ kí àwòrán fi gòkè láàárín mítà 4.5, ìyẹn sì gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè ní nǹkan bíi dígírì 9 àbọ̀. Ó jọ nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn, ìsàlẹ̀ àwòrán á fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 3.04, òkè rẹ̀ á sì fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 3.24. Sẹ̀ǹtímítà 20 ni òkè fi ju ìsàlẹ̀ lọ, 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á rí i.

Ọ̀pọ̀ purojẹ́kítọ̀ tí wọ́n ṣe fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìpàdé kò nílò kí a gbé ẹnu wọn sókè rárá. Wọ́n ṣe lẹ́ńsì wọn kí àwòrán lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀gangan lẹ́ńsì, kí ó sì máa lọ sókè fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi ojú ara yín mọ̀ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wọlé pátápátá, kí ẹ tàn án sí ògiri. Bí ìsàlẹ̀ àwòrán bá wà ní ọ̀gangan lẹ́ńsì, tàbí tó fi díẹ̀ ga jù ú lọ, irú rẹ̀ nìyẹn. Bí ìdajì àwòrán bá bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́ńsì, oríṣi kejì ni, tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń fẹ́ dojú kọ àárín aṣọ.

Oríṣi kìíní ni ti ẹgbẹ́ onílé yìí. Ohun tí wọ́n nílò, nígbà náà, ni kí lẹ́ńsì wà ní ọ̀gangan etí ìsàlẹ̀ aṣọ, ìyẹn mítà 1.2. Tábìlì olùkọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 75, bẹ́ǹṣì ga ní 45. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì sórí tábìlì, ó di 120. Wọ́n fi okùn de ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mọ́ tábìlì, wọ́n yí ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀rọ wọlé, wọ́n yọ ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ dànù. Àwòrán á bọ́ sórí aṣọ ní igun mẹ́rin gbáko, láìtẹ bọ́tìnnì kankan.

Ó ku òsì àti ọ̀tún, okùn ni wọ́n sì fi wọn ìyẹn náà. Wọ́n mú okùn láti lẹ́ńsì dé igun ìsàlẹ̀ aṣọ lápá òsì, wọ́n ta kókó síbi tó kàn, wọ́n wá gbé e lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí kókó náà bá kan igun yẹn gan-an, àárín ni ẹ̀rọ wà. Bí kò bá dé e, ẹ̀rọ jìnnà sí ọ̀tún jù, kí wọ́n gbé gbogbo tábìlì sún sí ọ̀tún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ibi tí tábìlì wà sílẹ̀ kí ó máa yí ẹnu ẹ̀rọ lásán. Ìyẹn ló ń mú kí etí kan ga ju èkejì.

Níwọ̀n bí ẹ̀rọ ti wà láàárín èrò, ìjókòó náà ní ètò. Àwọn ọmọdé á jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, níbi tí orí wọn kò ti ní dé inú ìmọ́lẹ̀. Àwọn àgbà á wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀.

Aṣọ náà lè jẹ̀bi

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ jókòó dáadáa, àwòrán sì ṣì wọ́. Ẹ wo aṣọ. Bí wọ́n bá ta òkè rẹ̀ mọ́ igi tó dà sẹ́yìn, òkè aṣọ ti jìnnà sí ẹ̀rọ ju ìsàlẹ̀ lọ nìyẹn, òkè àwòrán á sì fẹ̀. Ẹ so òkúta mọ́ òpin okùn kan, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ láti òkè aṣọ: ó yẹ kí aṣọ àti okùn jọ máa lọ láìya ara wọn. Bí àwòrán bá ń wú tó tún ń rọ̀, atẹ́gùn ló ń fẹ́ aṣọ. Ẹ de igun rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ mọ́ èèkàn, kí ẹ sì rán igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí bọ́tìnnì Keystone ń ṣe

Nígbà tí àwọn aláré bíi Hubert Ògúndé àti Adé Love ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, ẹ̀rọ àkókò wọn kò ní kọ̀ǹpútà nínú tó lè fún àwòrán pọ̀. Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ló ń pinnu ohun tí èrò máa rí. Purojẹ́kítọ̀ òde òní ní ètò tí wọ́n ń pè ní Keystone, bóyá lórí rìmóòtù níbi tí wọ́n ya àwòrán tó wọ́ sí, bóyá nínú Menu.

Ètò yìí kò yí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà padà. Ńṣe ló ń fún àwòrán pọ̀ nínú ẹ̀rọ kí ó tó jáde, kí apá tó máa fẹ̀ jù lára aṣọ lè ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí òkè bá fẹ̀ ní 3.24 tí wọ́n sì fún un pọ̀ di 3.04, nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí ìlà òkè pátápátá ni wọ́n pa tì. Ìyẹn kò pọ̀ fún fíìmù. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ẹ̀rọ bá ti gòkè tó dígírì 25 tàbí 30, àdánù náà á pọ̀, àwọn lẹ́tà wínníwínní á di bàìbàì, ìlà tó gún á sì máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ.

Ẹ lè fi ojú rí àdánù yìí. Lálẹ́ tí ilẹ̀ ti ṣú, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí wọ́n fi Keystone tún ṣe. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ eérú tó rọra hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó fẹ̀ lókè tó sì parẹ́ bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìyẹn ni ìrísí wíwọ́ ti àkọ́kọ́. Kò lọ, ẹ̀rọ kàn kọ̀ láti ya nǹkan sínú rẹ̀ ni.

Auto Keystone ní ààlà tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ ju bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe wo òkè tàbí wo ilẹ̀ lọ. Kò rí aṣọ. Ó gbà pé aṣọ dúró gangan, bí aṣọ bá sì dà sẹ́yìn, yóò tún àwòrán ṣe lódì. Ẹ pa á nínú Menu, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe.

Kì í ṣe pé kí ẹ má lo Keystone rárá. Purojẹ́kítọ̀ kékeré tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń fẹ́ dojú kọ àárín aṣọ yóò nílò kí a gbé e sókè tó nǹkan bíi mítà 2 fún aṣọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyẹn kò sì rọrùn láàárín èrò. Irú rẹ̀ ni Keystone wà fún: ẹ gbé ẹ̀rọ ga dé ibi tí apá yín ká, kí Keystone wá parí èyí tó kù. Ẹ kọ́kọ́ dọ́gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ gbé e sí àárín, ẹ gbé e ga, kí ẹ tó kan Keystone. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ wá yí òrùka lẹ́ńsì kí àwòrán lè mọ́ ketekete, nítorí bí ẹ bá ti gbé ẹ̀rọ kúrò ní ààyè rẹ̀, mímọ́ náà á yí padà.

Ẹ ta aṣọ, kí ẹ sì fi okùn wọn ibi tí tábìlì máa wà nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Nígbà tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán kí èrò tó kún. Bí ẹ bá rí i pé ó wọ́, ẹ wá tábìlì tó ga kí ẹ tó wá rìmóòtù.